Àlàfo Inú Lẹ́tà Agbẹ̀bí

Wọ́n ní agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, èyí tó ń gbé ní ilé alágbàlá kóńkéré nì, ń wá ọkọ. Onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí fèrèsé obìnrin náà ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ẹ sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá sọ nídìí orí dídì, kì í pẹ́ kó tó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń jáde nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní ó ń kun pọ́dà. Wọ́n ní awakọ̀ takisí kan ló ń gbé e padà wálé, tí yóò sì bá a ṣílẹ̀kùn bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Ẹni tó ń kọ ìtàn yìí gba ìdajì rẹ̀ gbọ́, kí Ọlọ́run dárí jì í, nítorí òun náà fojú ara rẹ̀ rí pọ́dà ọ̀hún.

Ẹfun ìkọ̀wé ni. Ilé ìkàwé ìjọba ni obìnrin náà ń lọ, yàrá òkè, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkọ. Iwájú pátápátá ló máa ń jókòó sí torí ojú, tíṣà sì fẹ́ràn láti máa pè é síbi pátákó. Awakọ̀ takisí náà, ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń gbà lọ sílé.

Kì í ṣe pé agbẹ̀bí kò mọ̀wé o. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ̀wé lójoojúmọ́. Ìwé ńlá kan wà ní wọ́ọ̀dù ìbímọ tó ti ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ le bí pákó, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó kọ ọ́ sínú ìwé náà pé ìyá kan ń sunkún nítorí pé ẹ̀rù ń bà á. Mètírọ́nì pè é sí kọ̀rọ̀.

“Ta ló sọ fún ọ pé ẹ̀rù ń bà á?”

“Mo rí i pé ó ń sunkún ni, mà.”

“Nígbà náà, kọ ẹkún. Ohun tí o rí ni kó o kọ. Èyí tí o rò, mú un lọ sílé. Bí ẹjọ́ bá dé lọ́la, ohun tí o rí ló máa gbà ọ́. ‘Nítorí’ ló ń gbéni dé iwájú adájọ́.”

Láti ọjọ́ náà ni obìnrin yìí kò ti kọ ‘nítorí’ mọ́. Ìyá dé, aago mẹ́rin. Omi dà, aago márùn-ún. Ọmọ bọ́, aago méje. Obìnrin ni. Ó ké. Ìwé rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń fi í han àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àmọ́ iṣẹ́ tí èèyàn bá ṣe pẹ́ a máa bá a délé. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tó sì ń kọ lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tẹ́lọ̀ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, máa ń sọ pé bí àbúrò òun bá ń gbàdúrà, Ọlọ́run yóò rò pé wáyà ilé ìfìwéránṣẹ́, tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ sanwó rẹ̀, ló dé.

Kí ló wá gbé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lọ sí kíláàsì? Ọmọ àbúrò rẹ̀ ni.

Àwọn mẹ́ta ni ìyá wọn bí: tẹ́lọ̀, agbẹ̀bí, àti àbúrò wọn obìnrin kan tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni àbúrò náà bí ọmọ obìnrin kan, ọwọ́ agbẹ̀bí gan-an ló bí i sí. Ọjọ́ kejìlá ni ìyá ọmọ kú. Kí oṣù náà tó parí, àwọn èèyàn bàbá ọmọ wá gbé e. Agbẹ̀bí dúró lẹ́nu géètì, ó ń wo fìlà òwú funfun kékeré kan nínú fèrèsé ọkọ̀ títí ọkọ̀ fi yà ní kọ̀rọ̀. Kò tún fojú kan ọmọ náà mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n kó lọ sí òkè òkun, ọdún sì ń gorí ọdún. Obìnrin tó ti gba ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sọ́wọ́, tí kò sì bí ọ̀kan fúnra rẹ̀, fìlà kan ṣoṣo ló ń wá nínú ọkọ̀ gbogbo tó bá kọjá.

Ọdún méjì sẹ́yìn, lẹ́tà dé. Ọmọ náà ti di àgbà, ó ti wá àdírẹ́sì títí ó fi rí i. Ojú ewé mẹ́rin ni lẹ́tà náà, ìbéèrè inú rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ: Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ìyá mi ṣe kú fún mi, ẹnikẹ́ni kò gbà láti sọ ọ́.

Agbẹ̀bí fi omijé fọ lẹ́tà náà. Ó kà á fún Ọlọ́run lórí eékún. Lẹ́yìn náà ló jókòó, tó dá a lóhùn báyìí:

*Ọmọ mi. Lẹ́tà rẹ dé. Inú mi dùn. Èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ. Ọjọ́ Ẹtì ni. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ìyá rẹ kú. Wọ́n gbé ọ lọ. Ara mi le. Máa kọ̀wé.*

Ìlà mẹ́ta ni èsì tó gbà: *Màmá, ẹ ṣé. Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ mọ̀. Mi ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́.*

Kò sì yọ ọ́ lẹ́nu mọ́ lóòótọ́. Agbẹ̀bí kọ lẹ́tà mẹ́fà ránṣẹ́, ọ̀kan kúrú ju ìkejì lọ, kò rí èsì. Ó yẹ ara rẹ̀ wò títí, kò rí ibi tí òun ti ṣẹ̀. Gbogbo ohun tó kọ, òótọ́ ni. Ó wá pinnu pé ìwé òun ni kò dùn, pé ọmọ tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ kò lè máa ka irú ìwé gbígbẹ yẹn. Bí ó ṣe dé ilé ìkàwé nìyẹn, pẹ̀lú gègé méjì àti ìgò omi.

Tíṣà wọn, ọmọdébìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, kò fi ìwé kankan lé wọn lọ́wọ́. Ó kọ gbólóhùn méjì sójú pátákó: *Òjò rọ̀. A jáde.*

“Kí ló wà láàárín méjèèjì?” ló bi wọ́n.

“Àmì ìdánudúró,” ni agbẹ̀bí dáhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: *Òjò rọ̀ kí a tó jáde. Òjò rọ̀, síbẹ̀ a jáde. Òjò rọ̀, nítorí náà a jáde.*

Awakọ̀ takisí na ọwọ́. “Tíṣà, èyí tó kẹ́yìn yẹn kò bójú mu. Ta ló ń jáde torí pé òjò rọ̀? Àfi tí òrùlé wọn bá ń jò.”

“Ẹ ṣé, Bàbá. Èmi kò sọ̀rọ̀ òrùlé kankan. Ọ̀rọ̀ àsopọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi síbẹ̀, ẹ sì ti mọ̀ pé ilé wọn ń jò. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Ó ń sọ fún òǹkàwé bí ohun méjì ṣe bá ara wọn tan.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ agbẹ̀bí lára. Ó kó àwọn ọ̀rọ̀ náà jọ sẹ́yìn ìwé rẹ̀, ó sì padà sílé lọ dà wọ́n sí iṣẹ́ àṣetiléwá bí ẹni tó ń da iyọ̀ sọ́bẹ̀ nínú òkùnkùn. Nígbà tí wọ́n pé jọ, ó dìde kà á sókè: “Mo jí láàárọ̀. Nítorí náà, mo gbàdúrà. Síbẹ̀, mo wẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wọ aṣọ.”

“Màmá,” ni tíṣà wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, “ẹ wẹ̀, *ṣùgbọ́n* ẹ wọ aṣọ? Kí la ti ń retí tẹ́lẹ̀ kí ẹ wọ̀ jáde?”

Awakọ̀ gbá tábìlì. Kíláàsì fọ́n ká fún ẹ̀rín. Agbẹ̀bí pàápàá rẹ́rìn-ín títí ìgò ojú rẹ̀ fi bọ́. Nígbà tó rọlẹ̀, tíṣà wá bá a nídìí tábìlì.

“Kì í ṣe torí pé àlàfo ṣófo ni kí ẹ ṣe fi ọ̀rọ̀ dí i, mà. Ẹ kọ́kọ́ bi gbólóhùn kejì léèrè pé, kí lo wá ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkínní? Ṣé ìdí rẹ̀ lo wá sọ? Ṣé o fẹ́ takò ó? Àbí o kàn tẹ̀lé e lẹ́yìn ni? Bó bá dá yín lóhùn, ọ̀rọ̀ tó yẹ yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Bí kò bá sì ní nǹkan kan í sọ, ẹ fi í sílẹ̀ kó dá dúró. Gbólóhùn kúkúrú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.”

“Mètírọ́nì wa ní ‘nítorí’ ń múni dé ilé ẹjọ́.”

“Òótọ́ ló sọ fún ìwé wọ́ọ̀dù. Àmọ́ ẹni tí kò sí ní wọ́ọ̀dù, tó kàn ń kà á, ibo ni ó ti máa rí i?”

Ìbéèrè yìí ni agbẹ̀bí gbé sùn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó mú ẹ̀dà lẹ́tà tó kọ sí ọmọ náà wá. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ wọ́ọ̀dù kì í kọ nǹkan láìtọ́jú ẹ̀dà. Ó fi lé tíṣà lọ́wọ́. Ohun tó ń fẹ́ kò ju kí ó bá òun tún un ṣe kí ó lè dùn.

Tíṣà kà á sínú. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀.

“Màmá, ṣé mo lè kà á fún kíláàsì?”

“Kà á. Kò sí àṣírí níbẹ̀.”

Tíṣà pín pélébé ìwé fún gbogbo wọn. Ó ní òun yóò ka gbólóhùn mẹ́ta nínú rẹ̀, òun yóò sì dákẹ́ kí ìkẹta tó dé. Kí oníkálukú kọ ọ̀rọ̀ tó gbọ́ nínú ìdákẹ́jẹ́ náà. Ó kà á: “Èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀.” Ó dákẹ́. Wọ́n gbọ́ tí fáànù ń lọ. “Ìyá rẹ kú.”

Ó gba àwọn pélébé náà, ó tẹ́ wọn síwájú agbẹ̀bí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá ni wọ́n. *Nítorí náà. Nítorí náà. Torí ẹ̀. Nítorí náà.* Gbogbo mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló so ikú mọ́ ẹ̀jẹ̀ ìbí ọmọ.

“Ta ni wọ́n kọ ọ́ sí?” ni awakọ̀ béèrè.

“Ọmọ náà ni,” ni agbẹ̀bí dáhùn.

Awakọ̀ mi orí. Kò ní ẹ̀rín lẹ́nu mọ́. “Ọmọ yẹn ti gbà pé òun lòun pa ìyá òun, Màmá.”

Agbẹ̀bí di àga mú. Ọdún méjì ló fi ń wá ohun burúkú tí òun kọ, kò rí i, torí pé kò sí nínú ohun tó kọ. Inú àlàfo ló wà. Ó ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ọmọ sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lọ ló sì mú.

“Irọ́ ni,” ló wí. Ó dìde. “Ẹ̀jẹ̀ yẹn dá. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dá kí aago mẹ́sàn-án tó lù, àbúrò mi jókòó, ó sì ní kí n gbé ọmọ fún òun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin fún un bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ kò dáa láti kékeré, ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ló fi kọrin burúkú yẹn fún ọmọ yẹn, ara rẹ̀ le, ó ń sáré kiri, kó tó di pé ọkọ̀ tí bíréékì rẹ̀ já lọ pa á lójú títì.”

Kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ gbólóhùn tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Òun gan-an kò mọ̀ pé ó wà nínú òun.

Tíṣà ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. “Màmá,” ló wí, “ẹ kàn padà sílé lọ kọ èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ.”

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi kọ ọ́. Nídìí fèrèsé, kí oòrùn tó lọ, ó ń bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan léèrè bí ìgbà tó máa ń bi aboyún pé ibo ló ń dùn ọ́. Ó yọ ‘nítorí’ kúrò níbi tí ‘lẹ́yìn náà’ ti tó. Ó fi ‘ṣùgbọ́n’ síbi tí ìbẹ̀rù ọmọ náà wà. Nígbà tó yá, ìpínrọ̀ kan dìde dúró:

*Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ tí mo gbẹ̀bí rẹ, ṣùgbọ́n ó dá kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Nígbà tí ìyá rẹ lágbára láti jókòó, ó ní kí n gbé ọ fún òun, kò sì fẹ́ gbé ọ sílẹ̀ mọ́. Ó ń kọrin fún ọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ kò dára, nítorí náà a máa ń ti ilẹ̀kùn kí aládùúgbò má bàa gbọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá la fi rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejìlá ló kú.*

Ó gbìyànjú láti so gbólóhùn tó kẹ́yìn mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Gbólóhùn náà kọ̀. Ó fi í sílẹ̀ kó dá dúró.

Ìpínrọ̀ kejì ló ni í lára. Nínú Bíbélì rẹ̀, láàárín ìwé Sáàmù, fọ́tò kan wà níbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó ti ká ní igun kan: ọmọ ọjọ́ mẹ́fà, fìlà òwú funfun. Ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ni wọ́n ti bá a lójú títì. Kò tíì fi í ránṣẹ́ sí ọmọ náà rí, torí pé fọ́tò yẹn kò lè dá lọ láìsọ ibi tó ti ń bọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ́lọ̀ wá kí i. Ó ka lẹ́tà náà nídùúró, ìgò ojú lórí imú. Ó ka èkínní, ó mi orí pé ó dáa. Ó dé ibi ìkejì, ó jókòó.

*Ó jáde lọ́jọ́ náà nítorí pé fọ́tò rẹ ti ṣetán, kò sì lè dúró di ọjọ́ kejì kó tó rí i. Ó ti gbà á, ó ti ń padà bọ̀, nígbà tí ọkọ̀ kan tí bíréékì rẹ̀ já yà bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.*

“Yọ èyí,” ló wí.

“Rárá, Ẹ̀gbọ́n.”

“O ti gbé ẹrù kúrò lórí ọmọ yìí lójú ewé kìíní, o tún wá gbé e rù ú lójú ewé kejì. ‘Nítorí pé fọ́tò rẹ.’ Wò ó, ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́. Kọ ọ́ pé ó jáde. Ọkọ̀ gbá a. Ó tán.”

“Bí mo ṣe kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kínní nìyẹn. Mo fi àyè sílẹ̀, ó sì fi ohun tó wù ú dí i.”

“Kò ní mọ̀.”

“Yóò béèrè ibi tó lọ. Ẹ wo ibi tí ‘nítorí’ wà, ẹ̀yin náà. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ‘ó jáde’. Kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikú. Ìfẹ́ ló mú un jáde. Bíréékì ló pa á. ‘Nígbà tí’ ni mo fi sáàárín àwọn méjèèjì, torí pé wọ́n kàn pàdé ni, wọn kò bá ara wọn tan.”

“Ọ̀rọ̀ tíṣà nìyẹn.”

“Ọ̀rọ̀ mi ni. Mo sanwó rẹ̀ pẹ̀lú ọdún méjì.”

Tẹ́lọ̀ bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó ń nù ún lára ẹ̀wù, ó ń nù ún ju bó ti yẹ lọ. Agbẹ̀bí wò ó. Ó ti gbẹ̀bí tó láti mọ ìgbà tí nǹkan ń bọ̀.

“Èmi ni mo ní n ó lọ gba fọ́tò yẹn,” ni ọkùnrin náà wí níkẹyìn. “Mo sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kejìlá yẹn. Mo ní kó má da ara rẹ̀ láàmú. Aṣọ ìyàwó kan wà lórí ẹ̀rọ mi, mo ní kí n parí rẹ̀ ná. Bí mo bá lọ…”

Obìnrin náà kò mọ èyí rí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi jọ ń jókòó nínú yàrá yìí.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, “ẹ kò sí nínú lẹ́tà mi.”

“Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ní kó o yọ ọ́ nìyẹn. Bó bá ti ka fọ́tò, yóò béèrè ẹni tó yẹ kó lọ gbà á.”

“Bó bá béèrè, ẹ ó kọ tiyín. Ẹ̀yin náà ti fi ọ̀rọ̀ kan sínú àlàfo yẹn, ẹ sì ń dá a gbé. Ẹ wá sí kíláàsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.”

“Má fi mí ṣẹ̀fẹ̀.”

“Èmi? Ta ló ní wáyà ni mo fi ń gbàdúrà?”

Tẹ́lọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. Agbẹ̀bí wo aago ara ògiri: aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Aago mẹ́rin ni ilé ìfìwéránṣẹ́ ń tì. Ó ká lẹ́tà náà sí méjì. Ó ṣí Bíbélì, ó yọ fọ́tò náà, ó wo fìlà funfun yẹn pẹ́ díẹ̀, bí ìgbà tó wò ó lẹ́nu géètì. Lẹ́yìn náà ó kì í bọ inú àpòòwé, ó fi ahọ́n lẹ̀ ẹ́.

“Ìwọ yìí,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ, ó ti dìde, “jókòó ká sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ọmọ ìyá. Ká tiẹ̀ ní ó kà á, tó sì gbọ́ ọ bí o ṣe fẹ́ kó gbọ́ ọ. Kí ló fi ọkàn rẹ balẹ̀ pé yóò dáhùn? Ọdún méjì ni kò fi dáhùn. Bí kò bá sì dáhùn ńkọ́? Fọ́tò kan ṣoṣo tó kù lo ń kì sínú àpòòwé yẹn o. Ó yẹ ká kọ́kọ́…”

Obìnrin náà ti so gèlè. Ó mú báàgì rẹ̀ lórí àga, ó wọ bàtà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

“…nítorí pé bí kò bá dáhùn,” ni tẹ́lọ̀ ń wí, “ìwọ náà lo máa…”

Ilẹ̀kùn ti pa dé. Láti ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, onídìrí rí agbẹ̀bí tó ń yára gba ojú títì lọ, àpòòwé láyà, kò kun pọ́dà kankan.